Ìsúnmọ́ Ni, Kì í Ṣe Ìjìnlẹ̀: Lórí Orúkọ Àwọn Àwòrán Atọ́nà

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń ti inú ọ̀rọ̀ ya àwòrán ti dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń ṣe ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ti lò ó díẹ̀ yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ nìkan kò lè sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú àwòrán náà. Olùkọ́ kan lè kọ ọ́ pé kí ọmọdékùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà, kí bàbá náà jókòó lórí àga ní apá ọ̀tún, kí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ lè ya ọmọ tí ó kúnlẹ̀, tàbí ọmọ tí ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí ẹni tí ń ṣe eré ìmárale, kí ó sì gbé bàbá sí apá òsì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kọ etí ikún sí ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ kì í gbé ìwọ̀n àti ààyè lọ́wọ́; ẹni tí ó bá gbọ́ “dọ̀bálẹ̀” ní láti ti rí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ rí kí ó tó lè yà á.

Ohun tí wọ́n ṣe láti dí àlàfo yìí ni àwòrán atọ́nà. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ayàwòrán tí ń jẹ́ Stable Diffusion jáde ní ọdún 2022, Lvmin Zhang, Anyi Rao àti Maneesh Agrawala ti Yunifásítì Stanford gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2023, wọ́n sì pè é ní ControlNet. Nípa iṣẹ́ yìí, ènìyàn lè fún ẹ̀rọ ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí yóò yà, àti àwòrán tí ó sọ ibi tí yóò yà á sí. Àwòrán yìí kì í ṣe fọ́tò gidi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mú láti inú fọ́tò, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lójú ẹ̀rọ ni `depth`, `canny` àti `openpose`.

Ibi tí iṣẹ́ ògbufọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ó ti lè ṣìnà. Bí ògbufọ̀ bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè, tí ó wo ọ̀rọ̀ kìíní, yóò bá “jíjìn”, “ibú” àti “ìjìnlẹ̀” níbẹ̀. Bí ó bá wo ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún oríṣi kejì, yóò bá “etí” àti “bèbè”. Fún ẹ̀kẹta, yóò bá “ìdúró”. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe Yorùbá tí ó dánmọ́rán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó sọ ohun tí ó wà nínú àwòrán náà. Ohun tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí tẹ̀lé ni ohun tí ẹ̀rọ ń gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti fi pè é. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá kí orúkọ dùn létí. Orúkọ tí kò bá bá ohun rẹ̀ mu nínú iṣẹ́ yìí yóò mú kí ẹni tí ó gbà á gbọ́ gbé àwòrán tí ó dojú dé fún ẹ̀rọ, yóò sì máa wá àṣìṣe náà níbi tí kò sí.

Kí ó tó kan àwọn mẹ́ta náà, ó yẹ kí ó yé ènìyàn ìdí tí “atọ́nà” fi dára ju “aláṣẹ” tàbí “ìkáwọ́” lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkáwọ́ ni orúkọ ControlNet ń tọ́ka sí. Ẹ̀rún àwọ̀ wúruwùru ni ẹ̀rọ ayàwòrán fi ń bẹ̀rẹ̀. (Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rún yìí túmọ̀ sí ariwo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń pariwo níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.) Ẹ̀rọ náà yóò máa yọ ẹ̀rún yìí kúrò díẹ̀díẹ̀, bóyá ní ìgbésẹ̀ 20 tàbí 30, títí àwòrán yóò fi hàn. Àwọn tí ó ṣe ControlNet kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀. Wọ́n tì í pa. Wọ́n ṣe àdàkọ apá àkọ́kọ́ rẹ̀, apá tí ń ka àwòrán, wọ́n sì kọ́ àdàkọ náà láti máa ka àwòrán atọ́nà. Ojú ibi tí wọ́n ti so àdàkọ mọ́ ẹ̀rọ gan-an, òdo ni gbogbo nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àdàkọ náà kò lè ba ohunkóhun jẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ ni òdo wọ̀nyí ń di nọ́ńbà mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì kú, ohun tí àdàkọ ń ṣe kò ju pé kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti ẹ̀rọ. Ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ kò pàṣẹ. Ó ń tọ́ni sọ́nà, ẹni tí ó ń tọ́ sì lè yà díẹ̀.

Ní ti oríṣi kìíní, àwòrán kan tí ó jẹ́ funfun, dúdú àti àwọ̀ eérú ni. Ojúàmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, ní nọ́ńbà kan láti 0 títí dé 255. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni bí ohun tí ó wà níbẹ̀ ti súnmọ́ kámẹ́rà tó. Ohun tí ó súnmọ́ jù lọ ni ó funfun jù lọ. Bí ohun bá ṣe ń jìnnà ni ó ń dúdú. Aṣọ, awọ ara, òjìji àti àwọ̀ ògiri, gbogbo wọn ti lọ. Ẹni tí ó wọ dúdú àti ẹni tí ó wọ funfun, bí wọ́n bá dúró ní ọgbọọgba, àwọ̀ eérú kan náà ni wọn yóò ní.

“Ìjìnlẹ̀” kò ní ohun tí yóò ṣe níbí. Ìjìnlẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rọ̀, ti ìmọ̀ àti ti awo. Àwòrán ìjìnlẹ̀ yóò jẹ́ àwòrán tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀. “Ibú” jẹ́ ti omi. “Ìjìn” ni ó súnmọ́ òótọ́ jù nínú wọn, nítorí pé èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà sọ pé kànga jìn àti pé ọ̀nà jìn, àǹfààní sì ni èyí jẹ́ tí kò sí nínú èdè tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Síbẹ̀síbẹ̀, àléébù kan wà nínú “ìjìn” tí kò ṣe é gbójú fò. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àwòrán kan ń wọn ìjìn yóò retí pé nọ́ńbà tí ó tóbi ni ti ohun tí ó jìn. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó rí.

Kì í sì ṣe pé wọ́n kàn yí funfun padà sí dúdú. Ètò tí ń ti inú fọ́tò kan ṣoṣo ṣe àwòrán yìí, irú MiDaS tí àwọn tí ó ṣe ControlNet lò, kì í wọn jíjìnnà rárá. Ohun tí ó ń wọn ni ọ̀kan tí wọ́n fi jíjìnnà pín. Àpẹẹrẹ kan yóò mú èyí yé ni. Kí ohun tí ó wà ní mítà 1 sí kámẹ́rà gba 255. Ohun tí ó wà ní mítà 2 yóò gba nǹkan bí 128, èyí tí ó wà ní mítà 4 yóò gba 64. Ṣùgbọ́n igi tí ó wà ní mítà 20 yóò gba 13, ilé tí ó wà ní mítà 40 yóò sì gba 6. Láàrin mítà 1 sí mítà 2, ìyàtọ̀ nọ́ńbà tó 127. Láàrin mítà 20 sí 40, kò ju 7 lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwòrán yìí ní láti sọ, nípa ohun tí ó wà nítòsí ni. Èyí tí ó wà lókèèrè di òkùnkùn kan náà. Àwòrán tí ó rí báyìí, orúkọ rẹ̀ ni àwòrán ìsúnmọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ̀ bí ìsúnmọ́ ti ń pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ ibi tí funfun yóò wà kí ó tó rí i.

Àtakò kan tí ènìyàn lè ṣe ni pé “ìsúnmọ́” yóò mú kí àwọn olùkọ́ rò pé wọ́n lè fi àwòrán náà wọn mítà. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé àpẹẹrẹ òkè yìí jẹ́ ti ìṣirò tí ó mọ́ gaara. Ètò tí ó ní fọ́tò kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò mọ̀ bóyá àga kékeré tí ó súnmọ́ ni ó ń wò tàbí àga ńlá tí ó jìnnà. Ó lè sọ ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò lè sọ mítà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pè é ní ìjìn, àléébù kan náà yóò wà lára rẹ̀, àléébù ti nọ́ńbà tí ó dojú dé yóò sì tún kún un.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé irú àwòrán kejì wà tí ń wọn jíjìnnà ní tòótọ́. Àwọn ètò tí wọ́n fi ń mọ ilé àti ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe sinimá ń lò, lè kọ jíjìnnà ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tààrà, nípa bẹ́ẹ̀ ohun tí ó jìnnà a máa funfun. Orúkọ kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún méjèèjì. Bí olùkọ́ bá mú irú èyí, tí ó gbé e fún ẹ̀rọ ayàwòrán láì yí i padà, ẹ̀rọ yóò gbà pé ògiri ẹ̀yìn ni ó wà níwájú, ènìyàn tí ó wà níwájú yóò sì di ihò nínú ògiri náà. Àwòrán tí yóò jáde lè jẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu-ọ̀nà tí ó ní ìrísí ènìyàn, tàbí òjìji tí kò ní ojú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, yóò sì máa di ẹ̀bi ru èdè. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn: kí ó wo ilẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán atọ́nà. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní ìdúró, ilẹ̀ tí ó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tí ń ya fọ́tò ni ó súnmọ́ jù, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó funfun. Bí ìsàlẹ̀ bá dúdú, tí òkè sì funfun, jíjìnnà ni wọ́n gbé wá. Èdè Yorùbá lè pè èyí ní àwòrán jíjìnnà, kí ó sì pe tàkọ́kọ́ ní àwòrán ìsúnmọ́, kí ìdàrúdàpọ̀ tí ó wà nínú èdè kejì má tilẹ̀ wọ inú tiwa.

Ọ̀rọ̀ oríṣi kejì kò gùn tó èyí. `canny` kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Orúkọ ènìyàn ni. John Canny ni ó kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ọdún 1986, ọdún púpọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ètò rẹ̀ a kọ́kọ́ mú kí fọ́tò náà ṣú díẹ̀ kí àwọn ẹ̀rún kéékèèké má bà a tàn án jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yí padà lójijì, yóò sì fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ lórí dúdú. Òṣùwọ̀n méjì ni ó ń lò. Bí wọ́n bá fi wọ́n sí 100 àti 200, ìyípadà tí ó bá ju 200 lọ yóò di ìlà, èyí tí kò bá tó 100 yóò pòórá, èyí tí ó bá sì wà láàrin méjèèjì yóò dúró bí ó bá fara kan ìlà tí ó ti dúró ṣáájú.

Níhìn-ín ni “etí” àti “ààlà” ti kùnà. Ètò Canny kò mọ etí ohunkóhun. Bí bàbá àgbà inú fọ́tò bá wọ àdìrẹ, gbogbo ọnà orí àdìrẹ náà ni yóò di ìlà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ etí aṣọ. Òjìji tí ó ṣubú sí ilẹ̀ yóò di ìlà. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá dé fìlà dúdú, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn, ìlà kankan lè má sí láàrin fìlà àti ògiri, orí bàbá yóò sì ṣí sílẹ̀ bí ìkòkò tí kò ní ọmọrí. Níbi tí etí wà, ètò kò rí i. Níbi tí kò sí, ó fa ìlà. “Àwòrán ìlà-ìyàtọ̀” ni ó bá a mu, nítorí pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ohun tí yóò ṣe sí àdìrẹ: yóò gbé òṣùwọ̀n méjèèjì sókè títí àwọn ọnà kéékèèké yóò fi lọ, tàbí kí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó tó ya fọ́tò. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé etí ni yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí aṣọ tuntun tí ó béèrè fún kò fi jáde, tí ọnà ti àtijọ́ sì ń tún ara rẹ̀ yà.

Oríṣi kẹta ni ó kan ìṣe àwọn Yorùbá jù lọ, nítorí pé ìkíni pẹ̀lú ara wà nínú rẹ̀. Ètò OpenPose, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Carnegie Mellon gbé jáde ní ọdún 2017, a máa wá ènìyàn nínú fọ́tò, a sì máa fi àmì sí ara rẹ̀. Nínú irú èyí tí ControlNet ń lò, àmì 18 ni: imú, ọrùn, èjìká méjì, ìgúnpá méjì, ọrùn ọwọ́ méjì, ìbàdí méjì, orúnkún méjì, ọrùn ẹsẹ̀ méjì, ojú méjì àti etí méjì. Wọ́n fi ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi so wọ́n pọ̀ lórí dúdú, apá ọ̀tún àti apá òsì sì ní àwọ̀ tí ó yàtọ̀ kí ẹ̀rọ má bà a ṣi wọ́n mú.

“Ìdúró” kò lè jẹ́ orúkọ èyí. Ẹni tí ó dúró kò ì tí ì kí àgbà. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin tí ó kúnlẹ̀ àti bàbá tí ó jókòó, kò sí ẹni tí ó dúró nínú wọn, síbẹ̀ gbogbo wọn ni ètò yìí ń fi àmì sí lára. “Ìṣesí” pẹ̀lú jẹ́ ti ìwà ju ti ara lọ. Bí ẹnìkan bá dámọ̀ràn “àwòrán egungun”, ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ láìsí àmì ohùn yóò sọ ọ́ di àwòrán ará ọ̀run, egungun kankan kò sì sí nínú rẹ̀. Ìlà tí ó so ìbàdí mọ́ ọrùn kì í ṣe egungun ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni oríkèé. Òótọ́ ni pé imú, ojú àti etí kì í ṣe oríkèé, márùn-ún sì ni wọ́n nínú 18. Àwọn 13 yòókù ni wọ́n ń ru iṣẹ́ náà, nítorí náà “àwòrán oríkèé” tọ́ sí i.

Orúkọ yìí tún ní àǹfààní kejì: ó ń sọ ohun tí kò sí nínú àwòrán. Oríkèé kò ní ẹran, kò ní aṣọ, kò sì ní ilẹ̀. Fún ẹni tí ó dúró, àìsí ilẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀rọ ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹni tí ó dúró, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ni yóò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí wọ́n bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, èjìká, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tò sórí ìlà kan láti òsì dé ọ̀tún. Lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ lè rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń fò nínú eré sinimá náà lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ inú àwòrán fi lè jáde ní ọ̀nà tí oríkèé rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ tí àyà rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí wọ́n bá sì yà á láti iwájú, láti ibi tí bàbá jókòó sí, ó tún burú jù: orí àti èjìká bo ìyókù ara mọ́lẹ̀, ètò OpenPose kò rí ìbàdí àti orúnkún, kò sì ní fi àmì sí ohun tí kò rí. Àwòrán oríkèé yóò wá dà bí ti ẹni tí ó gé sí ìdajì.

Kí ó wá jẹ́ pé olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́ ṣe àwòrán náà dáadáa. Ó pe àgbàlagbà kan àti ọmọ kan, ó ní kí wọ́n ṣe é lójú òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi fóònù yà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Kò gbé fóònù náà sí ipele ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ì bá di ìlà lásán nínú fọ́tò. Ó gbé e sókè tó ìwọ̀n mítà kan, kí ilẹ̀ tí ó wà níwájú ọmọ àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè hàn. Ó gé fọ́tò náà sí píksẹ́lì 768 ní ìbú àti 512 ní gíga, torí pé ara ọmọ náà gùn lórí ilẹ̀. Láti inú fọ́tò kan yìí ni ó ti ṣe àwòrán ìsúnmọ́ kan àti àwòrán oríkèé kan. Kò ṣe ti ìlà-ìyàtọ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí aṣọ àti ojú àwọn méjèèjì yí padà, ìlà-ìyàtọ̀ ì bá sì di aṣọ ti fọ́tò mú.

Ó kọ́kọ́ lo àwòrán oríkèé nìkan. Bàbá jáde dáadáa lórí àga, ọmọ léfòó. Ó lo àwòrán ìsúnmọ́ nìkan. Ọmọ dé ilẹ̀, nítorí pé àwọ̀ eérú ikùn rẹ̀ àti ti ilẹ̀ tí ó kan ikùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó mú un dé ilẹ̀ ni ó fẹ́ gbé e mì: níbi tí ara àti ilẹ̀ ti ní nọ́ńbà kan náà, ẹ̀rọ kò rí ibi tí apá ọmọ náà parí sí, ó sì ya apá àti ẹní pọ̀ di ohun kan. Ìsúnmọ́ mọ ilẹ̀, kò mọ apá. Oríkèé mọ apá, kò mọ ilẹ̀. Nígbà náà ni olùkọ́ náà gbé méjèèjì fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó ti hàn lójú ẹ̀rọ nìyí, ìsúnmọ́ ṣáájú, oríkèé tẹ̀lé e:

```
controlnet_conditioning_scale = [0.6, 0.9]
control_guidance_end = [0.5, 1.0]
```

Ìlà kìíní ń sọ bí ohùn atọ́nà kọ̀ọ̀kan yóò ti rinlẹ̀ tó. Ìlà kejì ń sọ ìgbà tí yóò dákẹ́: ti ìsúnmọ́ yóò dákẹ́ ní ìdajì ọ̀nà, ti oríkèé yóò bá ẹ̀rọ dé òpin. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ti ń pinnu ibi tí ohun ńláńlá yóò wà, ilẹ̀ àti ògiri àti àga. Àwọn ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni ó fi ń ṣe aṣọ àti awọ. Bí ìsúnmọ́ bá dúró títí dé òpin pẹ̀lú ìwọ̀n 1.0, aṣọ tuntun yóò ká bí ti fọ́tò ti ká, agbádá kò sì ní lè ju ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá wọ̀ nínú fọ́tò lọ, nítorí pé ààyè tí agbádá yóò tẹ́ sí ni àwòrán atọ́nà ti fún ògiri. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Olùkọ́ náà yóò yí wọn díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ fún fọ́tò mìíràn. Ohun tí kò ní yí padà ni pé kò yẹ kí àwòrán méjì tí ó lòdì síra jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kíkan. Bí ó bá mú oríkèé láti inú fọ́tò kan, tí ó sì mú ìsúnmọ́ láti inú òmíràn, apá mẹ́ta ni ọmọ náà lè ní.

Ohun kan kù tí kò sí nínú agbára àwòrán atọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì yẹ kí orúkọ kankan ṣèlérí rẹ̀. Ẹ̀rọ Stable Diffusion kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́lì gan-an. Ó ń sọ píksẹ́lì 8 sí 8 di ẹyọ kan, tí ó fi jẹ́ pé àwòrán 768 sí 512 di ẹyọ 96 sí 64 nínú rẹ̀. Ọmọ tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.4, bí ó bá gba píksẹ́lì 400 nínú ìbú àwòrán náà, píksẹ́lì kan yóò dúró fún nǹkan bíi mìlímítà 3.5. Ìka ọmọ náà, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní fífẹ̀, yóò gba píksẹ́lì mẹ́ta péré. Kò tó ẹyọ kan. Nítorí èyí ni ọwọ́ tí ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú bàbá fi ń jáde pẹ̀lú ìka mẹ́fà tàbí mẹ́rin, láìka bí àwòrán atọ́nà ti pé tó. Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe ni pé wọn a gé apá ọwọ́ nìkan jáde, wọn a fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tóbi tó 512, wọn a ṣe àwòrán ìsúnmọ́ tuntun fún un láti inú fọ́tò ọwọ́ gidi tí wọ́n yà ní tòsítòsí, wọn a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ọwọ́ náà nìkan yà kí wọ́n tó dá a padà sí ààyè rẹ̀.